Má tíì ra káàdì gíráfíìkì: ráàmù mẹ́rin yẹn ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àjàṣẹ́ ni mo wà. Kọ̀ǹpútà mi ní Ryzen 5 3600 àti ráàmù DDR4 méjì, 8 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ 3600 sí lára. Lóṣù tó kọjá mo ra méjì mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tòkúnbọ̀, wọ́n di mẹ́rin, 32 GB. Láti ìgbà náà ni géèmù ti ń já lójijì, nígbà mìíràn lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn lẹ́yìn wákàtí méjì. Á kàn dá mi padà sójú Windows láìsọ nǹkan kan. Ojú aláwọ̀ búlúù náà ti yọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ mi ní káàdì gíráfíìkì ló ń kú lọ, kí n ra òmíràn. Mo ti ṣe àyẹ̀wò ráàmù tó wà nínú Windows, ó ní kò sí àṣìṣe. Kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò, má tíì fọwọ́ kan owó káàdì. Ohun tó o fúnra rẹ kọ ti fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn: ọjọ́ tó o fi ráàmù méjì kún méjì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Káàdì tó bá ń kú lọ kì í dúró de ọjọ́ tí olówó rẹ̀ máa ra ráàmù. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú ráàmù tuntun yẹn ti bàjẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn, pé eré tí wọ́n ń fipá mú wọn sá ni wọn ò lè sá. Àìsàn méjèèjì jọra débi pé o ò lè fi ojú géèmù mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n oògùn wọn ò jọra. Ti àkọ́kọ́, wàá dá ọjà padà fún ọlọ́jà. Ti èkejì, wàá yí nǹkan kan padà nínú BIOS, o ò sì ní ná sẹ́fà kan.

Ohun tí wàá ṣe lálẹ́ òní nìyí. Tan kọ̀ǹpútà, kó o máa tẹ Delete tàbí F2 títí wàá fi wọ BIOS. Wá ibi tí wọ́n kọ XMP sí. Àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù kan ń pè é ní DOCP tàbí A-XMP. Pa á. Tó o bá ti yí nǹkan mìíràn níbẹ̀ rí nítorí fídíò kan tó o wò, ì báà jẹ́ eré pírósẹ́sọ̀ tàbí fóòtì, yan Load Optimized Defaults kí gbogbo rẹ̀ padà sí bí ó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, kó o wá tẹ F10. Bí Windows bá ṣí, lọ sí Task Manager, Performance, Memory, kó o wo iwájú Speed. 3600 yẹn á ti wálẹ̀ di 2133, 2400 tàbí 2666. Gbá géèmù rẹ bó o ṣe ń gbá a tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Eré rẹ̀ á dín díẹ̀, má fi ìyẹn ṣe nǹkan kan báyìí. Bí kò bá já mọ́, ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ẹlẹ́bi: eré ráàmù ló jọ, káàdì rẹ kò mọwọ́mẹsẹ̀. Bó bá ṣì ń já, a ò tíì lè dá ẹnikẹ́ni láre, iṣẹ́ ṣì kù.

Àwọn èèyàn máa ń bínú sí mi tí mo bá sọ pé kí wọ́n pa XMP. Wọ́n á ní, “Ṣebí 3600 ni mo sanwó fún?” Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ọlọ́jà kì í sọ ni pé 3600 yẹn kì í ṣe eré tí DDR4 ní láti inú òfin tí wọ́n fi ń ṣe é. Òfin yẹn dé 3200 péré, lórí iná fóòtì 1.2. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ráàmù rẹ ló dán an wò, tó rí i pé ó lè sá 3600 tí wọ́n bá gbé iná rẹ̀ lọ sí nǹkan bíi fóòtì 1.35, tó sì kọ ìlànà náà sínú ẹ̀yà kékeré kan tó wà lára ráàmù. XMP tó o ń tẹ̀ ló ń ka ìlànà yẹn jáde. Ọjọ́ tó o tẹ̀ ẹ́ lo ti ṣe ọfakílọ́ọ̀kì, bó o tilẹ̀ rò pé àwọn tó ń fi omi tu pírósẹ́sọ̀ nìkan ló ń ṣe é.

Èkejì, kì í ṣe ráàmù nìkan ló ń sá eré yìí. Inú pírósẹ́sọ̀ rẹ ni apá tó ń bá ráàmù sọ̀rọ̀ wà, òun náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. AMD ní Ryzen 5 3600 lè gbé ráàmù méjì lórí 3200. Tó bá di mẹ́rin, ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí wálẹ̀ sí 2933, tàbí 2667 tí ráàmù bá jẹ́ irú tó ní ẹ̀yà lójú méjèèjì. Kẹ̀kẹ́nọ̀ tó gbé èrò kan lè sáré dé Wàndó kí ó má gbọ̀n. Fi èrò mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀, kó o wá ní kó sá eré kan náà. Ìwọ kò tiẹ̀ dúró lórí 2933 tàbí 3200. 3600 lo ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn mẹ́rin yẹn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bó o bá tan XMP, mọ́dábọ́ọ̀dù kì í fún ráàmù kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀. Ìlànà kan náà ni gbogbo wọn máa ń lò. Bí méjì tó o rà bá jẹ́ ti 3200, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe ìlànà 3600 ti àwọn àgbà ni wọ́n fi ń lé wọn. O ò sọ fún mi ohun tí wọ́n kọ sára wọn. Yọ wọ́n, kà á. O tún lè wò ó láìyọ wọ́n, nínú ètò kan tó ń jẹ́ CPU-Z, ní ojú ewé tí wọ́n kọ SPD sí: wàá yan ihò kọ̀ọ̀kan, á sì kọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ráàmù inú rẹ̀ àti eré tó lè sá.

Nípa àyẹ̀wò Windows tó ní kò sí àṣìṣe, má gbé ọkàn lé e. Ìwọ̀nba ni iṣẹ́ tó ń ṣe tí o kò bá tẹ F1 kó o yan Extended, kíá ló sì ń parí. Bó bá ní ráàmù bàjẹ́, gbà á gbọ́. Bó bá ní ó dáa, ohun tó sọ ni pé òun kò rí nǹkan kan. Mo ti rí ráàmù tó yege níbẹ̀ tó sì kún fún àṣìṣe lọ́dọ̀ MemTest86, ètò tó ń yẹ ráàmù wò láìlo Windows, kí ìdá mẹ́rin iṣẹ́ tó parí.

Kí a tó dé ibẹ̀, jẹ́ ká ka ohun tí Windows ti kọ sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ la ti máa bi ọ̀rẹ́ rẹ léèrè ọ̀rọ̀ káàdì rẹ̀. Tẹ bọ́tìnnì Windows àti R, kọ èyí síbẹ̀:

```
eventvwr.msc
```

Ṣí Windows Logs, kó o ṣí Application, kó o wá àwọn tó pupa tí orúkọ wọn jẹ́ Application Error, nọ́ńbà 1000. Wá àwọn tí aago wọn bá ìgbà tí géèmù já mu. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun méjì ni kó o kọ sínú ìwé: ohun tó wà níwájú Faulting module name, àti èyí tó wà níwájú Exception code. Bí kóòdù bá jẹ́ 0xc0000005, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé géèmù lọ fọwọ́ kan àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ráàmù, Windows sì pa á lójú ẹsẹ̀. Kóòdù yìí nìkan kò tó dá ẹjọ́, nítorí géèmù tí wọn kò kọ dáadáa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ tó wà níwájú Faulting module name ló ń tú àṣírí. Bó bá jẹ́ orúkọ kan náà ní gbogbo ìgbà, géèmù yẹn tàbí díráfà yẹn ni kó o dojú kọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ntdll.dll ti Windows lónìí, tó jẹ́ fáìlì géèmù fúnra rẹ̀ lọ́la, tó jẹ́ díráfà ohùn lọ́tùnla, tí géèmù mìíràn náà sì tún ń já, ohun tó wà lábẹ́ gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ráàmù ni gbogbo wọn jọ ń jẹ nínú rẹ̀.

Ìdí tí kò fi ní àkókò náà nìyẹn. Bíìtì kan ṣoṣo tó yí padà láti 1 sí 0 lè bọ́ sórí àwọ̀ ògiri kan nínú géèmù, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i. Ó lè bọ́ sórí ohùn, kó dún “pà” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ tó bá bọ́ sórí àdírẹ́sì tí géèmù fi ń wá nǹkan, ọjọ́ yẹn ni géèmù lọ. Ọjọ́ tó bá sì bọ́ sórí nǹkan ti Windows fúnra rẹ̀, ojú búlúù ni wàá rí. Ojú búlúù méjì tó o rí yẹn, ká ní o ti ya fọ́tò wọn ni. Bí ọ̀kan bá jẹ́ MEMORY_MANAGEMENT tí èkejì sì jẹ́ IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL tàbí PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA, wọ́n ń sọ ohun kan náà ní ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ti káàdì gíráfíìkì ní ìṣe tirẹ̀. Síkíríìnì á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó padà, tàbí kí àwọn àwọ̀ tí kò sí nínú géèmù máa fò káàkiri ojú rẹ̀, tàbí kó o rí orúkọ Display pẹ̀lú nọ́ńbà 4101 lábẹ́ System nínú Event Viewer, tó ń sọ pé díráfà káàdì dákẹ́ tó sì tún jí. Bí o kò bá rí irú èyí, ọ̀rẹ́ rẹ kàn ń sọ tẹnu rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ iná náà ń kọ́? Níbí, iná ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n iná tó bá lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń pa tàbí kó tún un tàn, wàá sì rí Kernel-Power 41. Kì í fi sùúrù yan géèmù kan pa kí orin tó ń kọ lẹ́yìn máa kọ lọ.

Ohun kan wà tó o lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò gba fíláàṣì. Da XMP padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wá fáìlì ńlá kan, bíi 10 GB, èyíkéyìí nínú fáìlì géèmù rẹ. Ṣí Command Prompt kó o kọ èyí, kó o fi ọ̀nà fáìlì tìrẹ rọ́pò:

```
certutil -hashfile "D:\geemu\faili.pak" SHA256
```

Á ka gbogbo fáìlì náà, á sì gbé ìlà gígùn kan jáde tó kún fún lẹ́tà àti nọ́ńbà. Tún un ṣe. Tún un ṣe sí i. Fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn gbọ́dọ̀ mú ìlà kan náà jáde títí ayé. Bí ìlà kejì bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, o ti fi ojú ara rẹ rí kọ̀ǹpútà rẹ tó ń purọ́ fún ọ. Dísíìkì tó ń kú lọ lè fa èyí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òun sábà máa ń kígbe pé òun kò rí nǹkan kà dípò kó ka irọ́. Bí ìlà bá sì bára mu ní gbogbo ìgbà, kò túmọ̀ sí pé o ti bọ́; ó lè jẹ́ pé ibi tó bàjẹ́ ni fáìlì náà kò kàn.

Wàyí o, àyẹ̀wò gidi. Gba MemTest86 láti ojúlé wọn, èyí ọ̀fẹ́ tó. Fíláàṣì kékeré lo máa fi ṣe é. ImageUSB tó wà nínú àpò tó o gbà wálẹ̀ ló máa kọ ọ́ sórí rẹ̀, á sì pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, nítorí náà kó fọ́tò rẹ kúrò. Fi fíláàṣì tan kọ̀ǹpútà, á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò nílò Windows, ìdí nìyẹn tó fi lè fọwọ́ kan ibi tí Windows ì bá jókòó lé. Èyí ọ̀fẹ́ máa ń lọ yíká lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dúró. Pẹ̀lú 32 GB, ó máa ń pẹ́ gan-an, nítorí náà tàn án sílẹ̀ tó o bá fẹ́ sùn, lálẹ́ tó o bá nírètí pé iná kò ní lọ.

Àṣìṣe mélòó ni a lè fojú fò? Òdo. Mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọ̀kan tàbí méjì kò ṣe nǹkan. Ráàmù tó ṣì í kà lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ kan ni géèmù rẹ máa bá pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Test 13 nìkan ni mo máa ń rọra wò: wọ́n máa ń lu ìlà kan nínú ráàmù léraléra níbẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á yí padà, irú iṣẹ́ tí géèmù kì í ṣe. Bí àṣìṣe bá wà nínú 13 nìkan tí ìyókù sì mọ́, má tíì dá ráàmù lẹ́bi nítorí rẹ̀.

Bí o ṣe máa ka èsì ló ṣe pàtàkì jù, nítorí náà jẹ́ kí n fi kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n gbé wá fún mi láti Kétu ṣàlàyé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tìrẹ dọ́gba: ráàmù mẹ́rin, méjì àgbà, méjì tòkúnbọ̀, XMP lórí 3600. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí MemTest86 ṣiṣẹ́ lórí bó ṣe wà. Àṣìṣe rọ̀jò. Mo wo àdírẹ́sì wọn: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan láàárín, bíìtì tó yí padà nínú wọn kò sì jọra. Àṣìṣe tó tú káàkiri báyìí kì í sábà jẹ́ ti ráàmù tó bàjẹ́, nítorí ibi tó bàjẹ́ lára ráàmù kì í rìn. Eré ni mo fura sí. Mo pa XMP, ráàmù wálẹ̀ sí 2400, mo tún un ṣe. Òjò dá, àmọ́ kò dá tán. Díẹ̀ ló kù, báyìí ni wọ́n sì rí:

```
Address: 2A6C1F3B8  Expected: FFFFFFFF  Actual: FFFFFFDF
Address: 2A6C1F3B8  Expected: 20202020  Actual: 20202000
```

Wo àdírẹ́sì méjèèjì. Ọ̀kan náà ni. Wo ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, Expected, àti ohun tí wọ́n kà jáde, Actual. Níbi àkọ́kọ́, D ló wà níbi tó yẹ kí F wà. Níbi kejì, 0 ló wà níbi tó yẹ kí 2 wà. Nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà, bíìtì kan ṣoṣo ló sọnù níbi méjèèjì, bíìtì kan náà sì ni: ẹni tó bá fi 1 síbẹ̀, 0 ló máa bá níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ti kú nínú ọ̀kan lára ráàmù mẹ́rin yẹn, kò sì sí eré tó lọra tó tí á jí i. Ìṣòro méjì ni ọkùnrin náà ń bá jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìmọ̀. Ká ní a dúró síbi tí òjò ti dá, à bá sọ fún un pé ó ti yanjú, géèmù rẹ̀ á sì tún já lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kàn máa ṣọ̀wọ́n sí i ni.

Èwo nínú mẹ́rin? Àdírẹ́sì kò lè sọ ọ́ fún ọ tààrà, nítorí pírósẹ́sọ̀ máa ń pín nǹkan ká ráàmù méjì-méjì. Ọwọ́ ni a fi ń wá a. Pa kọ̀ǹpútà, yọ wáyà iná rẹ̀, fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀ kí iná ara rẹ kúrò. Yọ ráàmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fi ọ̀kan ṣoṣo padà sínú ihò kejì téèyàn bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ pírósẹ́sọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù ń kọ A2 sí, tẹ̀ ẹ́ títí á fi dún “kọ́ọ̀”. Ṣe àyẹ̀wò, yọ ọ́, fi òmíràn síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, 8 GB ló ń yẹ̀ wò, kò ní pẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Nínú ihò kan náà, mẹ́ta mọ́, ìkẹrin mú àṣìṣe rẹ̀ jáde. Àdírẹ́sì rẹ̀ ti yàtọ̀ nítorí pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bíìtì yẹn kan náà ni. Mo fi í sínú ihò mìíràn, ó tún mú un jáde. Ìgbà tí àṣìṣe bá tẹ̀ lé ráàmù láti ihò dé ihò ni a tó lè fi ẹnu sọ pé ráàmù ni. Bó bá jẹ́ pé ihò kan ni gbogbo ráàmù ti ń ṣàṣìṣe, ihò ni kó o yẹ̀ wò, bóyá eruku ló wọ̀ ọ́, tàbí kí ẹsẹ̀ pírósẹ́sọ̀ kan má jókòó dáadáa. Fi ọtí isopírópílì àti aṣọ tí kò ń tú fọ́nrán nu eyín aláwọ̀ góòlù ti ráàmù kó o tó dẹ́bi fún nǹkan olówó ńlá. Pẹ̀lú ọ̀sà tó wà nítòsí wa níbí, eyín yẹn máa ń dọ̀tí ju bí ojú ṣe lè rí i.

Bí a ṣe parí ti ọ̀gá Kétu: ráàmù tó bàjẹ́ jáde, ẹnì kejì rẹ̀ náà jáde, nítorí mẹ́ta kò ní jẹ́ kí pírósẹ́sọ̀ máa fi ọ̀nà méjèèjì rìn lọ́gbọọgba. Méjì àgbà kù, 16 GB, lórí 3600. Wọ́n mọ́ lálẹ́ yẹn. Ó bínú díẹ̀ pé 32 GB òun lọ, ṣùgbọ́n géèmù tó ń gbá kò tiẹ̀ lò ó.

Ní tìrẹ, bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá mọ́ nígbà tí XMP wà ní pípa, ráàmù rẹ kò bàjẹ́. Má tan XMP padà. Nínú BIOS, fi ọwọ́ yan eré ráàmù sí 2933, fi iná rẹ̀ sí fóòtì 1.35 tó bá jẹ́ pé iye tí wọ́n kọ sára àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn, kó o tún àyẹ̀wò ṣe. Bó bá mọ́, gbé e sí 3200, tún un ṣe. Ibi tó bá ti kọ̀, padà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan kó o jókòó síbẹ̀. Àwọn kan á ní kó o gbé iná sókè títí 3600 á fi dúró. Mi ò fọwọ́ sí i fún ẹni tó fẹ́ gbá géèmù. Ìyàtọ̀ 3200 sí 3600 nínú géèmù kéré, wákàtí tó o máa fi wá a pọ̀, mẹ́rin tí kò bára mu sì lè dúró lónìí kó kọ̀ lọ́la.

Ó kọ̀ lọ́la nítorí ooru. MemTest86 ń ṣiṣẹ́ nígbà tí káàdì gíráfíìkì ń sinmi. Nígbà géèmù, káàdì ń tú afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú àpótí, ráàmù wà lókè rẹ̀ gan-an, yàrá fúnra rẹ̀ sì gbóná, pàápàá láti oṣù kejì sí ìkẹrin tí òjò kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ráàmù tí a ti fipá mú sáré máa ń ṣàṣìṣe nígbà tó bá gbóná ju bó ṣe máa ń ṣe tó bá tutù. Nítorí náà, lẹ́yìn tí MemTest86 bá mọ́, fi iṣẹ́ wúwo dán an wò nínú Windows pẹ̀lú. OCCT ní èyí tó ń yẹ ráàmù wò àti èyí tó ń fún káàdì níṣẹ́. Èyí tó ń fún pírósẹ́sọ̀, ráàmù àti káàdì níṣẹ́ pa pọ̀ lo fẹ́. Prime95 náà dára: yan Large FFTs, fi sílẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ilẹ̀kùn àpótí kọ̀ǹpútà ní pípadé bó o ṣe máa ń pa á dé. Bí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá dúró tó sì kọ irú èyí, o ti yege lálẹ́ ṣùgbọ́n o kùnà lọ́sàn-án:

```
FATAL ERROR: Rounding was 0.5, expected less than 0.4
```

Wàá wá dín eré ráàmù kù ní ìṣísẹ̀ kan, tàbí kó o wá fáànù tó máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde lẹ́yìn àpótí. Ṣọ́ra, Small FFTs ti Prime95 kan náà kì í fọwọ́ kan ráàmù tó bẹ́ẹ̀, pírósẹ́sọ̀ ló ń jẹ níyà. Bí Large bá kọ̀ tí Small kò kọ̀, ọ̀nà ráàmù ni. Bí Small náà bá kọ̀ kíá, eré tàbí iná pírósẹ́sọ̀ ni kó o dá padà. Ẹni tó bá ka ìdáhùn yìí tó sì ní pírósẹ́sọ̀ Intel ńlá ti ìran kẹtàlá tàbí ìkẹrìnlá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: ní 2024, Intel jẹ́wọ́ pé iná tó ga jù ń ba irú wọn kan jẹ́, wọ́n sì gbé àtúnṣe jáde tó ń wọlé nípasẹ̀ BIOS. Kí ó kọ́kọ́ fi BIOS tuntun sí i kó tó máa yọ ráàmù.

Títí gbogbo èyí á fi parí, má gba àtúnṣe Windows wọlé, má sì kó fọ́tò ẹbí láti ibì kan sí ibì kan lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Ohun tí ráàmù bá ṣì kà ni dísíìkì máa tọ́jú. Nítorí ìyẹn náà ni géèmù àwọn kan fi ń já lọ lẹ́yìn tí ráàmù ti dára: fáìlì tó bàjẹ́ nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Tó o bá ti rí ìwọ̀n tó mọ́, ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alákòóso, kó o kọ èyí:

```
sfc /scannow
```

Lẹ́yìn náà, ní kí ibi tó o ti ra géèmù yẹ gbogbo fáìlì rẹ̀ wò, kó tún èyí tó bàjẹ́ gbà wálẹ̀. Bó bá rí i pé fáìlì kan bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tó tún un ṣe, tí kò sì rí òmíràn mọ́ nígbà kejì, ó dára. Bó bá ń rí fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà gbogbo tó o bá bi í, padà sí MemTest86, kò tíì mọ́.

Bó bá sì jẹ́ pé ráàmù tòkúnbọ̀ kan ló bàjẹ́ lóòótọ́, ya fọ́tò ojú MemTest86 níbi tí àṣìṣe ti hàn pẹ̀lú XMP ní pípa, kí ráàmù náà wà nìkan nínú ihò. Ya ìwé tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn. XMP tó wà ní pípa yẹn ló máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọlọ́jà, nítorí ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni pé ìwọ lo fi eré bà á jẹ́. Méjèèjì ni kó o dá padà fún un, má jẹ́ kó fi ọ̀kan ṣoṣo láti inú páálí mìíràn dí i. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì mọ́ lórí gbogbo àyẹ̀wò yìí, tí XMP wà ní pípa tí géèmù ṣì ń já, kọ àwọn orúkọ tó o rí níwájú Faulting module name ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú irú káàdì tó o ní àti páwà tó ń fún un níná. Ìgbà yẹn ni a máa tó gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rẹ́ rẹ.